Alẹ́ Ni Iṣẹ́ Àárọ̀ Ti Ń Bẹ̀rẹ̀: Bí A Ṣe Ń Kọ Ìlànà Ṣíṣí àti Títì Bùkátéríà

Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìlànà bí wọn yóò ṣe máa ṣí bùkátéríà rẹ̀ láàárọ̀, iṣẹ́ alẹ́ ni kó kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Ohun tí ọmọ iṣẹ́ bá bá nílẹ̀ nígbà tó ṣílẹ̀kùn, ọwọ́ ẹni tó tilẹ̀kùn lánàá ló ti wá. Bí ọbẹ̀ bá kan, òru ló ti kan. Bí gáàsì bá tán nígbà tí ẹ̀wà gbẹ̀gìrì ṣì le lórí iná, ẹnì kan ló yẹ kó ti mi sìlíńdà náà wò lálẹ́ tí kò mì í. Bí oníbàárà àkọ́kọ́ bá mú ẹgbẹ̀rún náírà kan wá tí kò sí ṣẹ́ńjì, kì í ṣe àárọ̀ yẹn ni ṣẹ́ńjì tán.

Ẹ jẹ́ ká fi bùkátéríà kan ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tó pọ̀ káàkiri Ìbàdàn. Tábìlì mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, ìyá olóúnjẹ àti ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ló ń ṣiṣẹ́. Àmàlà, gbẹ̀gìrì, ewédú, ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata ni wọ́n ń tà. Oúnjẹ gbọ́dọ̀ ti délẹ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, wọ́n sì ń dáwọ́ títà dúró ní aago mẹ́jọ alẹ́. Gbogbo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, orí ìyá olóúnjẹ ló wà. Òun ló mọ ìkòkò tó yẹ kó kọ́kọ́ kúrò lórí iná, òun ló mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìn wà, òun ló ń ka owó. Bí ó bá wá lọ sí òkú ní Ọ̀yọ́ ní Sátidé kan, àwọn ọmọ á máa pè é lórí fóònù láti àárọ̀ títí di alẹ́. Nítorí irú Sátidé yẹn la ṣe ń kọ ìwé ìlànà. Ẹni tó máa lò ó ni ẹni tí kò rí ọ̀gá bi léèrè.

Ìwé yìí kì í ṣe ohun tí à ń jókòó sí pálọ̀ kọ. Bí a bá jókòó kọ ọ́, ohun tó yẹ kí wọ́n máa ṣe la máa kọ, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe ní ti gidi. Ẹ mú ìwé àti báírò, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú ilé ìdáná lálẹ́, kí ẹ máa kọ gbogbo ohun tí ọwọ́ wọn bá ṣe, bí ó ṣe tẹ̀ léra, àti aago tí wọ́n ṣe é. Ẹ má bá wọn dá sí i. Ẹ óò rí i pé ẹni tó ń gbálẹ̀ ti gbálẹ̀ tán kí ẹlòmíì tó wá máa da omi ìfọbọ́ sórí ilẹ̀ náà. Ẹ óò rí i pé kò sẹ́ni tó ń gbé sítóòfù kúrò lára ògiri.

Nígbà tí ẹ bá wá ń ṣètò ohun tí ẹ kọ, ẹ yọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ojú kò lè rí kúrò níbẹ̀. “Fọ ilé ìdáná dáadáa” kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, nítorí dáadáa tèmi kọ́ ni dáadáa tiyín. Ẹ kọ ọ́ báyìí: gbé sítóòfù kúrò lára ògiri, gbá ẹ̀yìn rẹ̀, fi omi ọṣẹ gbígbóná fọ ògiri tó wà lẹ́yìn iná títí tí ìka ọwọ́ kò fi ní yọ̀ mọ́ bí o bá fi kàn án. Ẹni tó ṣe é àti ẹni tó wá yẹ̀ ẹ́ wò á lè fi ìka kan náà dá a lẹ́jọ́. Bákan náà ni “da bílíìṣì díẹ̀ sí omi”. Díẹ̀ wo? Bí ara ike bá kọ ọ́ pé ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni agbára rẹ̀, ṣíbí tíì méjì sínú omi lítà márùn-ún ti tó fún nínu tábìlì tí a ti fi ọṣẹ fọ̀. Omi ti àná ò wúlò mọ́, tuntun ni kí wọ́n máa pò.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí jù ni ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ tó ṣẹ́kù, nítorí ibẹ̀ ni ìwé ìlànà ti lè dáàbò bo ẹ̀mí èèyàn, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ìwé ìlànà ti ń fo ọ̀rọ̀ kọjá. Àṣà tó wọ́pọ̀ ni pé kí wọ́n da ọbẹ̀ tó kù pọ̀ sínú ìkòkò ńlá kan, kí wọ́n sè é hó, kí wọ́n dé e, kí wọ́n fi sílẹ̀ di àárọ̀. Ó dà bí ẹni pé ó mọ́gbọ́n dání, àbí ṣebí iná ti pa gbogbo kòkòrò? Iná kò pa gbogbo rẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú ẹran àti nínú ìrẹsì tí wọ́n ní èso tí híhó kò lè pa. Bí oúnjẹ bá ti ń tutù díẹ̀díẹ̀, èso yẹn á hù, á sì máa pọ̀ sí i. Ìkòkò ńlá tó kún fún ọbẹ̀ ata kì í tutù kíá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè ti tutù ní aago mẹ́wàá, kí àárín rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ títí di ìdájí. Ìlọ́wọ́ọ́rọ́ yẹn gan-an ni kòkòrò ń fẹ́.

Ìlànà oúnjẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi iye sí i, iye náà sì wúlò fún ìkòkò Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bó ṣe wúlò fún tiwọn. Lórí tẹmómítà Sẹ́ńtígíréèdì, oúnjẹ gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti ìwọ̀n 57 sí 21 láàárín wákàtí méjì. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́dọ̀ dé ìwọ̀n 5 kí wákàtí mẹ́rin mìíràn tó pé. Wákàtí méjì àkọ́kọ́ ló le jù, nítorí láàárín ìwọ̀n yẹn ni kòkòrò ti ń yára pọ̀ jù. Tẹmómítà oúnjẹ tó ní abẹ́rẹ́ gígùn ni ẹ máa nílò, èyí tí wọ́n ń tì bọ àárín oúnjẹ, kì í ṣe ti ilé ìwòsàn.

Ẹ wá wò ó bí aago ṣe ń bá ìlànà yìí jà. Aago mẹ́jọ ni wọ́n ń dáwọ́ títà dúró. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ń lọ sílé, kí mọ́tò má baà wọ́n. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọbẹ̀ tutù ní aago mẹ́jọ, wákàtí méjì kò tíì pé kí wọ́n tó lọ, kò sì ní sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá ó tutù tàbí kò tutù. Ẹni tó jókòó sí pálọ̀ kọ ìwé kò ní rí èyí. Ẹni tó dúró nínú ilé ìdáná pẹ̀lú aago lọ́wọ́ á rí i. Ojútùú rẹ̀ ni pé kí iṣẹ́ títì bẹ̀rẹ̀ kí títà tó parí. Ní aago méje, ìkòkò kékeré kan ni kó kù lórí iná fún àwọn oníbàárà ìkẹyìn, kí wọ́n sì gbé ìkòkò ńlá tí wọn kò ní fọwọ́ kàn mọ́ sọ̀ kalẹ̀. Nínú ìwé, ó máa rí báyìí:

Aago méje. Bu ọbẹ̀ ìkòkò ńlá sínú àwọn abọ́ fífẹ̀, kó má ga ju ìka ọwọ́ mẹ́ta tí a tò pọ̀ lọ. Gbé àwọn abọ́ náà sínú agbada omi tí yìnyín wà nínú rẹ̀. Rò ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá.

Aago mẹ́jọ ààbọ̀. Ti tẹmómítà bọ àárín abọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ti dé 21 tàbí kò tó bẹ́ẹ̀, lẹ séètépù mọ́ ọn, kọ orúkọ ọbẹ̀ àti ọjọ́ sí i, gbé e sínú fíríìjì. Bí kò bá tíì dé ibẹ̀, fi yìnyín kún un. Bí aago mẹ́sàn-án bá lù tí kò tíì dé 21, dà á nù.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn máa ń dun olówó, mo mọ̀. Ata wọ́n, ẹran wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ìwé kò bá sọ ohun tí ọmọ iṣẹ́ máa ṣe nígbà tí nǹkan kò lọ bó ṣe yẹ, ohun tó bá rọrùn jù ló máa ṣe, ìyẹn ni pé á ti ọbẹ̀ gbígbóná bọ fíríìjì, á sì mú kí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ móoru. Bí wọ́n bá da ọbẹ̀ nù lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má bínú sí ọmọ náà. Ọbẹ̀ tí ẹ ń sè ló pọ̀ ju èyí tí ẹ ń tà lọ, tàbí kẹ̀, yìnyín kò tó.

Ti ìrẹsì yàtọ̀ díẹ̀. Kòkòrò inú ìrẹsì lè fi májèlé sílẹ̀ tí títún gbé e kaná kò lè mú kúrò. Ìrẹsì tó ti wà nínú kúlà láti ọ̀sán, tó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò sí bí a ṣe lè gbé e kaná lọ́la kó padà di oúnjẹ tó dára. Gbẹ̀gìrì àti ewédú ní tiwọn kì í sùn, bí wọ́n bá sùn, gbogbo ẹni tó bá tọ́ ọ wò ló máa mọ̀. Ní tèmi, gbólóhùn kan ṣoṣo ni màá kọ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: kò gbọdọ̀ sí ìrẹsì, gbẹ̀gìrì tàbí ewédú nínú bùkátéríà lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ohun tó bá ṣì gbóná dáadáa, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ jẹ ẹ́ kí wọ́n tó lọ.

Lẹ́yìn ọbẹ̀ ni gáàsì, ìlà méjì péré ló sì gbà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra ṣe pàtàkì. Orí sìlíńdà ni kí ọmọ iṣẹ́ kọ́kọ́ dé nígbà tí iná ṣì ń jó, kó dúró kí iná fúnra rẹ̀ kú, lẹ́yìn náà ni kó tó yí ọwọ́ sítóòfù padà. Bẹ́ẹ̀ ni gáàsì tó wà nínú rọ́bà á ṣe jó tán, kò ní sí èyí tó máa jò jáde lóru. Kó wá mi sìlíńdà náà. Bí ó bá fúyẹ́, kó kọ ọ́ sínú ìwé kí wọ́n lè rọ òmíràn ní àfẹ̀mọ́jú.

Owó wá kàn. Èèyàn méjì ni kó máa kà á, kí wọ́n sì kọ ìṣirò náà sílẹ̀ kí wọ́n tó ka owó inú dùrọ́ọ̀. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ ka owó, ìṣirò náà á máa bá owó mu lọ́nà ìyanu. Ẹ jẹ́ ká ṣe ti ọjọ́ kan. Ṣẹ́ńjì tí wọ́n fi ṣílé jẹ́ ₦15,000. Gbogbo oúnjẹ tí wọ́n tà jẹ́ ₦186,500. Nínú rẹ̀, ₦52,000 gba orí máṣíìnì pí-ó-ẹ́ẹ̀sì wọlé, ₦61,500 sì jẹ́ tiráńsífà. Owó tó yẹ kí wọ́n gbà lọ́wọ́ jẹ́ ₦73,000. Wọ́n mú ₦8,500 níbẹ̀ ra ata àti láílọ́ọ̀nù lọ́sàn-án. Ṣẹ́ńjì àárọ̀ àti owó ọwọ́ jẹ́ ₦88,000. Tí a bá yọ ₦8,500 kúrò, ₦79,500 ló yẹ kó wà nínú dùrọ́ọ̀. Wọ́n wá kà á, ₦77,500 ni wọ́n bá. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ti dín.

Ohun tí ìwé gbọ́dọ̀ sọ ni pé kí wọ́n kọ ẹgbẹ̀rún méjì náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Kò gbọdọ̀ sẹ́ni tó máa fi owó àpò rẹ̀ dí i. Bí wọ́n bá ń dí i, ọ̀gá kò ní mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láé. Bí ó bá kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó lè wá rí i pé ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni owó ń dín, nígbà tí èrò bá pọ̀ jù, tí ẹni kan náà ń bu oúnjẹ tó tún ń gba owó. Ẹlòmíì ni kí wọ́n fi gba owó ní Jímọ̀, ọ̀rọ̀ á tán. Ti tiráńsífà, orí áápù báńkì tàbí ìwé owó tó wọlé ni kí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe orí fóònù oníbàárà. Àlẹ́ẹ̀tì tí oníbàárà fi hàn wá lè jẹ́ ayédèrú.

Ní báyìí tí alẹ́ ti wà létòlétò, ti àárọ̀ kò ní gùn. Láti ẹ̀yìn la ti ń ṣírò rẹ̀. Aago mẹ́wàá ni oúnjẹ gbọ́dọ̀ délẹ̀. Ewédú kò yẹ kó pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó tà á, nítorí náà aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni kí ìjábẹ̀ bọ ọ́. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni kí wọ́n ro àmàlà àkọ́kọ́. Ọbẹ̀ àná gbọ́dọ̀ tún hó, kí tẹmómítà fi 74 hàn ní àárín rẹ̀, ó sì máa gbà tó ìdajì wákàtí. Ẹ̀wà gbẹ̀gìrì ló pẹ́ jù: bíbó rẹ̀, sísè rẹ̀ títí tó fi rọ̀, àti lílọ̀ ọ́ kúnná máa gbà ju wákàtí méjì lọ. Nítorí náà, bí ẹ̀wà kò bá tíì sí lórí iná ní aago méje ààbọ̀, gbẹ̀gìrì kò ní bá oníbàárà àkọ́kọ́. Ìlà yẹn ni kí ẹ fi báírò pupa kọ. Gbígbálẹ̀, títo àga àti nínu tábìlì á máa lọ lábẹ́ rẹ̀, wọn kì í ṣáájú rẹ̀.

Ohun mẹ́ta péré ló ṣáájú ẹ̀wà. Àkọ́kọ́, ẹni tó ṣílẹ̀kùn kò gbọdọ̀ tan iná mànàmáná. Kó ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó gbọ́ òórùn, nítorí gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń rọ́ sí. Bí kò bá gbọ́ òórùn, kó ṣí orí sìlíńdà, kó fi ìfófòó ọṣẹ pa ibi tí rọ́bà ti so mọ́ ọn. Bí ọṣẹ bá ń yọ èéfófòó jáde, gáàsì ń jò níbẹ̀, kó tì í padà, kó má ṣáná. Ìkejì, bí wọ́n bá máa tan jẹnẹrétọ̀, ìta gbangba ni, jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, òjò ìbáà máa rọ̀. Èéfín rẹ̀ ń pani láìjẹ́ pé a gbọ́ òórùn rẹ̀.

Ìkẹta ni fírísà. Ní ilẹ̀ wa, iná lè lọ lóru kó sì dé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹran á ti yọ́, á tún ti dì padà, ojú kò sì ní mọ̀. Ọgbọ́n kékeré kan wà tó ń tú àṣírí rẹ̀. Ẹ bu omi sínú ife, ẹ jẹ́ kó dì gbagidi, kí ẹ wá gbé owó ẹyọ tàbí òkúta wẹ́wẹ́ kan sórí yìnyín náà, kí ife máa wà nínú fírísà. Bí òkúta bá wà lókè láàárọ̀, iná kò lọ débi tí ẹran fi yọ́. Bí ó bá ti rì sí ìsàlẹ̀ ife, ẹran ti yọ́, ohun yòówù kí ojú rẹ̀ jọ. Fírísà tó kún, tí wọn kò ṣí, lè mú nǹkan dì fún bí ọjọ́ méjì láìsí iná. Èyí tó kún dé ìdajì, bí ọjọ́ kan ni. Nítorí náà, ìlà kan gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé alẹ́ pé bí iná bá lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí fírísà wo.

Bí ìwé bá ti délẹ̀, ẹ fún ọmọ tó dé kẹ́yìn. Kí ọ̀gá jókòó, kó má sọ̀rọ̀. Ọmọ náà á kà á, á ṣe é, ibikíbi tó bá ti dúró tó béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, abọ́ wo ni kí n bù ú sí?” ibẹ̀ ni ìwé kù díẹ̀ káàtó sí. Kí ọ̀gá má dá a lóhùn lẹ́nu nìkan, kó kọ ìdáhùn sínú ìwé. Abọ́ aláwọ̀ búlúù, lórí pẹpẹ kejì. Bí ọmọ kan kò bá mọ̀wé kà, ẹ ya àwòrán, ẹ fi ọ̀dà fa ìlà sára abọ́ níbi tí ọbẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. Èdè tí wọ́n ń sọ nínú ilé ìdáná ni kí ẹ fi kọ ọ́. Kí ti alẹ́ gba ojú ìwé kan, kí ti àárọ̀ gba ojú ìwé kan, kí ìlà gáàsì sì wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáàsì.

Kò pẹ́ tí ìwé fi ń di ohun tí wọ́n kàn ń fọwọ́ sí. Àmì rẹ̀ kò farasin. Ẹ óò rí i pé báírò kan náà ló fa gbogbo àmì, lẹ́ẹ̀kan náà, ní òpin alẹ́. Ẹ óò rí i pé tẹmómítà fíríìjì jẹ́ 4 ní Mọ́ńdè, 4 ní Túsìdeè, 4 títí di Sátidé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná lọ ní ọjọ́ méjì nínú wọn. Ẹ má kọ́kọ́ jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ wò ó bóyá tẹmómítà ti bàjẹ́, tàbí ìlà tí kò wúlò ti pọ̀ jù débi tí èyí tó wúlò fi sọnù láàárín wọn. Ìlà tí oṣù kan kọjá tí ẹnikẹ́ni kò ṣe, tí nǹkan kan kò sì bàjẹ́ nítorí rẹ̀, ẹ pa á rẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ tún ìwé ṣe sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì ya ti àtijọ́ kúrò lára ògiri, nítorí bí méjèèjì bá wà níbẹ̀, èyí tó rọrùn jù ni wọ́n máa tẹ̀ lé.